Bọ́tìnnì Pupa Nìkan Kò Tó: Àgbéyẹ̀wò Ìdádúró Pàjáwìrì àti Ìwọ̀n Eré Rọ́bọ́ọ̀tì fún Ilé Iṣẹ́ Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Símẹ́ńtì ti ń jáde ní Ṣágámù láti 1978. Ilé iṣẹ́ Nestlé dé Flowergate ní 2011, ilé ọtí International Breweries sì tẹ̀lé e ní 2018. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ńlá wọ̀nyí títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ibì kan náà ni iṣẹ́ gbogbo wọn ń parí sí: ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ẹrù kúrò lórí bẹ́líìtì, kó sì tò ó lé páálẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó ń ba ẹ̀yìn ọ̀dọ́ jẹ́ nìyẹn, òun náà sì ni apá rọ́bọ́ọ̀tì máa ń tètè gbà lọ́wọ́ èèyàn níbikíbi tó bá dé. Èyí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àgbéyẹ̀wò yìí: páálí tó wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 8, apá rọ́bọ́ọ̀tì kan, àti òṣìṣẹ́ méjì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti àárọ̀ dé alẹ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan páálí ni, n kò yan àpò símẹ́ńtì. Kílógíráàmù 50 ni àpò símẹ́ńtì kan. Rọ́bọ́ọ̀tì tó lè máa ju ìyẹn kiri kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá dúró lójú kan. Inú ọgbà irin ni ó ń gbé, ilẹ̀kùn ọgbà náà gbọ́dọ̀ máa dá a dúró bí wọ́n bá ṣí i, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àwọn apá kéékèèké tí wọ́n ń tà fún wa pé "kò nílò ọgbà" ni àríyànjiyàn wà lórí wọn. Ẹni tó ń tà á á ní kò léwu rárá. Oníná tó wá so ó á ní bí bọ́tìnnì pupa bá ti wà, kò sí wàhálà. Èmi kò gba ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ìtàn kò tì wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1979, ní ilé iṣẹ́ Ford tó wà ní Flat Rock, ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn ní Amẹ́ríkà, Robert Williams, ẹni ọdún 25, gun orí àgbékà láti lọ fọwọ́ mú ẹrù tí ẹ̀rọ ń lọ́ra láti gbé. Apá rọ́bọ́ọ̀tì gbá a lórí láti ẹ̀yìn, ó sì kú. Ní 1981, Kenji Urada kú ní ilé iṣẹ́ Kawasaki ní Japan: ó fo ọgbà wọlé láti tún rọ́bọ́ọ̀tì ṣe, kò sì pa á tán. Àwọn tó wà nítòsí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀rọ náà dúró. Nínú ikú méjèèjì, ẹni tó ṣe kókó jù kò sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti rí ewu, tó sáré débẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, eré tí apá náà ń sá ló ń pinnu rẹ̀. Síbẹ̀ wáyà bọ́tìnnì náà ni wọ́n máa ń tètè so sódì, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ́tìnnì pàjáwìrì ní ìrísí tí gbogbo ayé mọ̀, ìlànà ISO 13850 ló sì là á sílẹ̀: orí pupa tó rí bí olú, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ yóò há síbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi yí i tàbí fà á jáde. Inú rẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ojú tí iná ń gbà kọjá nínú bọ́tìnnì máa ń jẹ́ irú méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára: NO kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, NC ń jẹ́ kí iná kọjá nígbà gbogbo, ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló ń já a. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń so bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà tipẹ́ ni NO. Bó bá lo NO, tí eku sì gé wáyà náà lóru, bọ́tìnnì yóò dà bíi pé ó wà láàyè, kò sì ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. NC ni kí ó jẹ́. Bí wáyà NC bá gé, bí orí rẹ̀ bá tú, bí ẹnì kan bá fa búlọ́ọ̀kù yọ, iná já nìyẹn, rọ́bọ́ọ̀tì sì dúró. Àléébù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ké gbàjarè.

Ojú NC kan ṣoṣo kò tó. Méjì ni, wáyà tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lára àpótí rọ́bọ́ọ̀tì Universal Robots, fún àpẹẹrẹ, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ `EI0` àti `EI1` sí, fóótì 24 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá, wáyà kúkúrú méjì, jọ́mpà tí àwọn oníná ń wí, ló so fóótì 24 mọ́ wọn kí rọ́bọ́ọ̀tì lè tàn. Jọ́mpà méjèèjì ni kí ẹ yọ. Ẹ mú wáyà láti fóótì 24 gba inú ojú NC kìíní lọ sí `EI0`. Ẹ mú òmíràn láti fóótì 24 kejì gba inú ojú NC kejì lọ sí `EI1`. Rọ́bọ́ọ̀tì ń wo méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá já tí ìkejì kò já, ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, yóò dúró, kò sì ní gbà kí wọ́n tan òun títí wọ́n yóò fi tún un ṣe.

Bí bẹ́líìtì bá wà, ó tún kù. Bí apá bá dúró tí bẹ́líìtì kò dúró, páálí á máa rọ́ lu ara wọn títí wọn yóò fi bọ́ sẹ́sẹ̀ ẹni tó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Níhìn-ín ni wọ́n ti ń fi rílè ààbò sáàárín. Ojú NC méjèèjì á wọ inú rílè. Ojú ìjáde rílè méjì á lọ sí `EI0` àti `EI1`, àwọn mìíràn á sì máa di kọ́ńtákítọ̀ méjì mú, tí a tò tẹ̀lé ara wọn lórí iná mọ́tò bẹ́líìtì. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ méjì? Nítorí pé kọ́ńtákítọ̀ máa ń lẹ̀. Bí iná ńlá bá ti ń ta lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, irin inú rẹ̀ á yọ́ mọ́ra, yóò sì máa gbé iná lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé rílè ti tú u sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá lẹ̀, ìkejì á já. Kí a lè mọ̀ pé ọ̀kan ti lẹ̀, ẹ gba ojú NC kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńtákítọ̀ méjèèjì, ẹ so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí wáyà bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀ gba inú wọn kọjá. Kọ́ńtákítọ̀ tó lẹ̀ kò ní jẹ́ kí ojú kékeré yẹn padà, rílè kò sì ní gbà láti tàn. Mo ti rí ibi tí oníná ti fo ìlà yìí pátápátá nítorí pé "ó ń ṣiṣẹ́ láìsí i". Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ìdí tó fi léwu gan-an nìyẹn.

Ẹ má so bọ́tìnnì pàjáwìrì mọ́ ibi tí a ń so sẹ́nsọ̀ lásán mọ́, kí ẹ wá fi ètò orí kọ̀ǹpútà kà á. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ tó jẹ́ pé lórí `digitalRead(2)` ni gbogbo ààbò rẹ̀ dúró. Bí ètò náà bá há sójú kan, kò sẹ́ni tó ń ka bọ́tìnnì mọ́. Fún ẹ̀rọ ìṣeré orí tábìlì, kò burú. Fún apá tó lè gbá èèyàn, kò tọ́.

Ọ̀nà tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń dúró náà ṣe pàtàkì. Ìlànà IEC 60204-1 pín in sí mẹ́ta. Ipò 0 ni kí a já iná lójú ẹsẹ̀, kí bíréèkì sì di apá náà mú. Ó le fún jíà, apá sì lè yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀. Ipò 1 ni kí mọ́tò fi agbára ara rẹ̀ dá apá dúró ní ìrọ̀rùn, kí iná tó já. Ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ ló ń lò ó. Ipò 2 ni kí ó dúró, kí iná má já. Wọn kò gbà á fún pàjáwìrì. Ohun kan wà tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fífà gbé páálí máa ń gbàgbé: bọ́tìnnì kò gbọ́dọ̀ já ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́. Bó bá já a, páálí kílógíráàmù 8 tó wà lókè á bọ́ sórí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ jẹ́ kí ó máa fà á títí ẹnì kan yóò fi fọwọ́ gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ NEPA kan wà níhìn-ín tí ìwé àwọn ará Yúróòpù kì í gbé jókòó lé lórí, nítorí pé iná wọn kì í ṣe bíi tiwa. Iná lọ, òṣìṣẹ́ wọ abẹ́ apá lọ yọ páálí tó há, ariwo sọ pé iná ti dé. Kí ni rọ́bọ́ọ̀tì àti bẹ́líìtì yóò ṣe? Rílè ààbò púpọ̀ ní ọ̀nà méjì: kí ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó dúró de bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kìíní rọrùn fún oníná, jọ́mpà kan péré ni. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò ó rárá. Bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀ ni kí a lò, irú èyí tí rílè ń wò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ti lè rí gbogbo àyíká apá náà, tí ọwọ́ ẹni tó wà nínú àyíká ọ̀hún kò sì ní tó o. Títẹ̀ ẹ́ gan-an kò gbọ́dọ̀ mú apá rìn. Ó kàn fún un láṣẹ láti gba àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn ni. Bó bá jẹ́ pé ìyípadà láti iná IBEDC sí jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ẹ fi UPS tó tó sídìí àpótí rọ́bọ́ọ̀tì. Òṣìṣẹ́ tó bá ń rìn lọ tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà yóò pẹ́ yóò yá wá ọgbọ́n tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré kàn wàyí. Ohun àkọ́kọ́ ni pé eré tí wọ́n kọ sínú ètò iṣẹ́ kì í ṣe òté ààbò. Ìlà kan rèé tó ń rán apá lọ síbi kan:

```
movel(p_paali, a=0.5, v=0.25)
```

Ó ní kí apá máa sáré mítà 0.25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí ètò náà wà lè sọ 0.25 di 1.5 kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Òté tó jẹ́ òté wà ní abala ààbò, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, ibẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ti ń wọn eré ara rẹ̀ lọ́nà méjì, tó sì ń dúró bó bá ré kọjá. Àmì kúkúrú kan wà lójú ẹ̀rọ tó ń yí padà bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan òté yẹn. Ẹ kọ àmì náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Mítà 0.25 yẹn kò dédé wá. Òun ni òté tí ISO 10218 fi lélẹ̀ fún ìgbà tí ẹnì kan bá wà nínú àyíká apá tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí síwíìṣì ìgbàláàyè, èyí tó ń dá ẹ̀rọ dúró yálà ó fi í sílẹ̀ ni tàbí ó fún un jù. Ìgbà iṣẹ́ gangan ńkọ́? Ìwé ISO/TS 15066 ti 2016, tí wọ́n ti kó wọnú ISO 10218 tuntun ti 2025, fún wa ní bí a ṣe lè ṣírò rẹ̀. Ó ní tí apá bá kan àyà èèyàn tí kò sì há a mọ́ ohunkóhun, agbára náà kò gbọ́dọ̀ ju níútọ̀nù 280 lọ. Ó ka ìwúwo tó wà lẹ́yìn àyà sí kílógíráàmù 40, ó sì ka rírọ̀ àyà sí níútọ̀nù 25 fún mìlímítà kan. Ti rọ́bọ́ọ̀tì ni ìdajì ìwúwo ibi tó ń rìn lára rẹ̀, kí a fi ẹrù rẹ̀ kún un. Ká ní ibi tó ń rìn jẹ́ kílógíráàmù 20, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10. Ọwọ́ tó fi ń gbé páálí jẹ́ 2, páálí jẹ́ 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20.

```
m = 1 / (1/40 + 1/20) = 13.3 kg
v = 280 / sqrt(m * 25000) = 0.48 m/s
```

Mítà 0.48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, nínú ìwé. Èmi yóò fi òté sí 0.4, n ó sì fi ẹ̀rọ ìwọnagbára wò ó lójú iṣẹ́, nítorí ìṣirò yìí kò mọ̀ pé etí páálí mú tàbí pé irin kan yọ jáde lára ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì. Kò sì kan orí àti ojú rárá: ìlànà kò gbà kí apá tó ń rìn gbá èèyàn lórí, bó ti wù kó rọra tó. Ìyẹn ni pé páálẹ́ẹ̀tì tí a bá tò ga dé ojú èèyàn ti fọ́ àlàyé "kò nílò ọgbà" náà túútúú. Yálà kí a má tò ó ga tó bẹ́ẹ̀, tàbí kí a gbé ọgbà kalẹ̀.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ á wí pé 0.4 ti lọ́ra jù. Òótọ́ ni. Bí apá bá ń rin mítà 4 lọ-bọ̀ fún páálí kọ̀ọ̀kan, ní 1.5 kò tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ní 0.4 ó di 10. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a jẹ́ kí ó sáré nígbà tí kò sí èèyàn, kí ó rọra bí ẹnì kan bá ń bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wo ilẹ̀ yíká la fi ń ṣe èyí. Wáyà méjì ló ń ti inú rẹ̀ lọ síbi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń gba àṣẹ láti bọ́ sí ipò eré díẹ̀. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó jìnnà tó kó tó rí èèyàn? ISO 13855, àtẹ̀jáde 2010, ka ìrìn èèyàn sí mìlímítà 1600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní láti ìgbà tí ìtànṣán rí ẹsẹ̀ títí apá yóò fi rọra jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.55: èèyàn á ti rin mìlímítà 880. A ó fi gígùn ọwọ́ tó lè nà síwájú kún un; bí ìtànṣán bá wà ní mìlímítà 300 sílẹ̀, ó jẹ́ 1200 kí a yọ 0.4 lọ́nà 300 kúrò, ó ku 1080. Lápapọ̀ ó jẹ́ 1960, ká kúkú pè é ní mítà 2.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n ń wọn mítà 2 yẹn láti ìdí rọ́bọ́ọ̀tì. Láti ibi tí apá àti páálí lè nà dé jù lọ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Apá tó ń nà ní mítà 1.3, tó sì gbé páálí dání, ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 3.5 láti ìdí rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké wa kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀rọ ìtànṣán síbẹ̀ pẹ̀lú agbára, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ ilé ìtọ̀ á máa mú kí rọ́bọ́ọ̀tì rọra, títí ọ̀gá yóò fi ní kí wọ́n pa á. Níbi tí àyè bá há, ọgbà irin pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ní síwíìṣì dára ju ìtànṣán lọ, owó rẹ̀ sì tún kéré jù.

Àwọn tó ń ra tokunbo ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ tan án kí ẹ rí i, nítorí náà jọ́mpà máa ń wà lójú ibi pàjáwìrì àti ibi ilẹ̀kùn ọgbà. Bí kò bá sí ẹni tó yọ ọ́, bọ́tìnnì tuntun tí ẹ so sí i kò já mọ́ nǹkan kan. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 kò dárúkọ rọ́bọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ pé kí a dáàbò bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn fún un.

Kí ẹ tó san ìyókù owó fún ẹni tó so rọ́bọ́ọ̀tì yín, ẹ ní kó ṣe nǹkan mẹ́rin lójú yín. Kí ó tú wáyà kan ṣoṣo lára bọ́tìnnì nígbà tí apá ń rìn: ó gbọ́dọ̀ dúró, kó sì kọ̀ láti tàn. Kí ó pa iná gbogbo ilé, kó tún tàn án: kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó mira. Kí ó tú wáyà ojú kékeré lára kọ́ńtákítọ̀ kan nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà ní pípa: rílè gbọ́dọ̀ kọ bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ eré tó ga ju òté lọ sínú ètò iṣẹ́: rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ sá a. Bí ọ̀kan bá kùnà, ẹ di owó yín mú.